Bí A Ṣe Sọ Òótọ́ Nípa Máníjà Wa Tí Kò Fi Mọ Ẹni Tó Sọ Ọ́

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí wa ní Omagba níbí tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá pọ̀. Àwa méje là ń bá ilé-iṣẹ́ kan kó ọṣẹ àti bísíkíìtì fún àwọn onísọ̀. Àwa Yorùbá jẹ́ méjì, àwọn márùn-ún yòókù jẹ́ Íbò. Máníjà kan ló wà lórí wa. Lọ́jọ́ kan, hẹ́dì-ọ́fíìsì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù wa, pé kí kálukú wa sọ bí máníjà ṣe ń ṣe sí, kí a má kọ orúkọ.

Àyà wa já. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, aráàlú máa ń fi orin bú èèyàn ńlá, kò sì sí ẹni tí yóò mú wọn. Èrò tó pọ̀ ló ń bò wọ́n. Àwa ńkọ́? Méje péré ni wá.

Kí a tó kọ nǹkan kan, a pe ọmọbìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní hẹ́dì-ọ́fíìsì, a bi í pé ta ló máa kà á. Ó ní òun lè rí ẹni tó fi ránṣẹ́, àmọ́ máníjà kò ní rí i. Máàkì tí a bá fún máníjà, àpapọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò fi hàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá fi ọwọ́ ara wa tẹ̀ sísàlẹ̀, bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an ló máa rí i. Ó tún ní bí ẹni tó dáhùn kò bá tó márùn-ún, wọn ò ní fi ohunkóhun hàn án. Ìdí nìyẹn tí a fi rọ àwọn yòókù pé kí wọ́n dáhùn. Bí a bá ṣe pọ̀ tó ni ààbò wa ṣe tó.

A kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé lásán. Ohun tí a kọ ni pé: "Ìkà ni máníjà yìí. Lọ́jọ́ Sátidé tí òjò rọ̀, ó bú wa níwájú oníbàárà ní Ochanja nítorí páálí ọṣẹ méjìlá. Àgbà tó bá ń pariwo lọ́jà, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọmọdé." Nígbà tí a tún un kà, a rẹ́rìn-ín ara wa. Ta ló wà ní Ochanja lọ́jọ́ òjò yẹn bí kò ṣe àwa? Ta ló sì máa ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀ nínú àwa méje? Bí ẹni kọ orúkọ ni.

A fa gbogbo ẹ̀ ya. A yọ ọjọ́ kúrò, a yọ ibi kúrò, a yọ òwe kúrò. "Ìkà" náà lọ, torí ìyẹn kò sọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí gbogbo wa jọ rí nìkan la fi sílẹ̀: pé ó máa ń bá wa wí níwájú oníbàárà; pé lẹ́yìn ìyẹn, oníbàárà kì í gba iye tí a bá pè mọ́; pé a fẹ́ kó máa pè wá sí kọ̀rọ̀. A fi kún un pé ó máa ń fi kún tẹ́gẹ́ẹ̀tì wa láàrin oṣù. A sì kọ dáadáa tó ń ṣe, pé kì í jẹ kọmíṣàn wa. Òótọ́ ni, kì í ṣe ìpọ́nni. A kò fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí a jáde nínú mítìn-ìn.

Àwa mẹ́fà la dáhùn. Nígbà tí èsì dé, máníjà kà á sétí gbogbo wa, ó ní, "Ta ló kọ ti oníbàárà yìí? Mi ò bínú o." A dákẹ́. Bí ẹni mẹ́ta bá ní àwọn kọ́, ó ti ku mẹ́rin nìyẹn. Kódà ẹni tó yìn ín kò gbọdọ̀ jẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ó ti ń pè wá sẹ́yìn mọ́tò kó tó bá wa wí. Ti tẹ́gẹ́ẹ̀tì, kò tíì yí padà.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ o: bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ń jalè, tàbí ó ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin, kì í ṣe inú fọ́ọ̀mù yìí ló ń gbé. Ìyẹn ní ẹ̀rí àti ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ẹni tó ju ọ̀gá náà lọ la ń gbé e lọ bá.

Ire o.