Iná Tó Ń Rẹlẹ̀ Nílé Paula

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn ìtàn tó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí nǹkan ṣàdédé bẹ́ síta kí àyà wọn já. Àwọn ni mo fẹ́ mú wọ ilé kan ní Thornton Square, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, nínú sinimá Gaslight tí George Cukor darí ní 1944. Eré orí ìtàgé tí Patrick Hamilton kọ ní 1938 ni wọ́n sọ di sinimá. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, kò sì tó wákàtí méjì. Òótọ́ ni pé wọ́n ti pa ẹnì kan nínú ilé náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. A kò rí òkú, a kò sì rí ọwọ́ tó fún un lọ́rùn.

Ẹni tí wọ́n pa ni Alice Alquist, gbajúmọ̀ akọrin, àǹtí tó tọ́ Paula dàgbà. Wọ́n mú ọmọbìnrin náà kúrò nínú ilé lálẹ́, wọ́n sì rán an lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Ítálì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó pàdé Gregory Anton, ọkùnrin tó máa ń tẹ dùùrù níbi tí Paula ti ń kọ́ orin. Wọ́n fẹ́ra wọn kíákíá. Ọkọ ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń lálàá láti gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Paula sì gbà, nítorí ìfẹ́, pé kí àwọn padà sílé tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

Ẹ wo ilé náà dáadáa bí ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ń gun òkè lọ láti àjà dé àjà. Aṣọ wíwúwo bo fèrèsé, ère kéékèèké àti àwòrán kún ibi gbogbo débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríbi mí. Wọ́n kó gbogbo ẹrù àǹtí lọ sí yàrá òkè pátápátá lábẹ́ òrùlé, wọ́n sì fi pákó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn tó ṣètò ilé yìí gba ẹ̀bùn Ọ́skà, ó sì tọ́ sí wọn, torí pé ilé náà ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn gẹ́gẹ́ bí òṣèré.

Nǹkan wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ibí yìí ni ọgbọ́n sinimá náà wà, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wò ó. Gregory kọ́kọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní ohun ọ̀ṣọ́ kan tí wọ́n máa ń fi sáyà aṣọ, ó ní ti ìyá òun ni. Ó fi í sínú báàgì Paula, ó sì rọra sọ fún un pé ó ti ń gbàgbé nǹkan jù. Kí ọjọ́ náà tó lọ, Paula wo inú báàgì, kò bá a mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kọjá àárín tọkọtaya. Lẹ́yìn náà ni àwòrán kan kúrò lára ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ pe àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, ó bi wọ́n léèrè lójú ìyá ilé. Nígbà tó ní kí Paula lọ wá a, Paula lọ tààrà sẹ́yìn ère tó wà lọ́nà àtẹ̀gùn, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i rí. Bó ṣe rí i yìí gan-an ni ọkọ fi dá a lẹ́bi. Ìgbà kẹta, aago Gregory pòórá níbi tí àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ti jókòó ń gbọ́ orin dùùrù. Inú báàgì ìyàwó ni wọ́n ti rí i, Paula sì bú sẹ́kún láàárín àwùjọ.

Bí ẹ bá kíyè sí i, ohun tó ń sọnù kò pọ̀ sí i. Àwọn tó ń rí ìtìjú rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i: ọkọ nìkan, lẹ́yìn náà ará ilé, lẹ́yìn náà gbogbo ìlú. Gregory kì í lu ìyàwó rẹ̀. Ó ń dì í mọ́ra, ó ń bá a kẹ́dùn àìsàn tí òun fúnra rẹ̀ ń dá sí i lára. Aṣenibánidárò ni. Sinimá náà kò sì fi ìwà rẹ̀ pamọ́ fún wa pẹ́. A ti mọ̀ ọ́n kí Paula tó mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí ẹ̀rù wa fi ń ga díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo kankan.

Lálaalẹ́ ni Gregory máa ń jáde, ó ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Kò ní pẹ́ tó jáde tán tí iná gáàsì yàrá Paula á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, lẹ́yìn náà á gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn lókè orí rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò le. Páìpù kan náà ló ń gbé gáàsì káàkiri ilé. Bí ẹnì kan bá tan iná níbòmíràn nínú ilé, ọwọ́ iná tó ti ń jó tẹ́lẹ̀ á rẹlẹ̀, bí omi ṣe máa ń fà tín-ín-rín lẹ́nu ẹ̀rọ tòkè nígbà tí wọ́n bá ṣí tìsàlẹ̀. Paula bèèrè bóyá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tan iná, wọ́n ní rárá. Elizabeth tó ń se oúnjẹ kò gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà kò lè jẹ́rìí ẹsẹ̀ òkè. Nancy, tí Angela Lansbury ṣe nínú sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́, ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyá ilé. Obìnrin náà kò ní ẹlẹ́rìí kankan.

Lójú tèmi, ìran tó lágbára jù lọ ni ti alẹ́ tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Brian Cameron jókòó ti Paula, tí iná sì rẹlẹ̀ lójú àwọn méjèèjì. Cameron ní òun náà rí i. Kò sí ìbọn, kò sí ariwo, síbẹ̀ ojú Ingrid Bergman, tó ṣe Paula, yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ tó ṣe yìí ló fún un ní Ọ́skà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìran yẹn la ti mọ ohun tí ọkọ Paula jí gan-an: ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú ojú àti etí ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó lè ṣòro. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, ẹni tó bá sì ń wá eré sísá lè fẹ́ pa á. Ẹ ní sùúrù títí ohun ọ̀ṣọ́ yẹn yóò fi sọnù, torí pé ìfẹ́ dídùn tó ṣáájú ni gbogbo ìyókù dúró lé. Àwọn ará Bìrìtìkó náà ti ṣe tiwọn ní 1940, nítorí náà ẹ wo ọdún àti orúkọ Bergman kí ẹ tó yàn. Àìsí ẹ̀jẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé kò wúwo. Ẹni tí olólùfẹ́ tàbí ẹbí ti sọ di wèrè lójú ara rẹ̀ rí, kó má dá nìkan wò ó. Kó pe ẹni tó fọkàn tán jókòó tì í, kí wọ́n sì jọ wò ó parí.