Egbò Ẹnu Tó Bá Ju Ọ̀sẹ̀ Méjì Lọ

Kí n tó wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa yìí, mo fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nílé ìtọ́jú eyín kan. Èmi ni mò ń fọ irin, tí mò ń tan iná sẹ́nu aláìsàn, tí mo sì ń kọ ohun tí dókítà bá pè sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé egbò ẹnu wá, ìbéèrè kan ni dókítà wa máa fi ń bẹ̀rẹ̀: "Láti ìgbà wo?" Bóyá ó ń dùn ún ńkọ́? Ìyẹn di ẹ̀yìn. Tí aláìsàn bá ní ọjọ́ mẹ́rin, ojú dókítà á rọ̀. Tó bá ní oṣù méjì, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìdí rẹ̀ ni pé awọ inú ẹnu kì í pẹ́ sàn. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ara fi ń pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun. Ìyẹn ló jẹ́ kí èèyàn lè gé ara rẹ̀ lẹ́nu jẹ lónìí, kó sì ti gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò wẹ́wẹ́ tó máa ń ta wá bí a bá jẹ ata. Nítorí náà, egbò tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nǹkan kan ló ń dì í mú. Ó lè jẹ́ eyín tó ṣẹ́, ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn nínú ara, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ojú lásán kì í sábà mọ èwo ni èwo. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú ohun tí ó ṣeé mú kúrò, wọ́n á sì ka ọ̀sẹ̀ méjì.

Ara ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo ti rí bí ìṣirò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Màmá pè mí lórí fóònù, wọ́n ní egbò kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n àwọn láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọn ò kà á sí torí kò dùn wọ́n. Wọ́n ti fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, wọ́n ti lo kápúsù láti kẹ́mísì, wọ́n sì ti mu àgbo. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí oògùn padà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tuntun. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Nǹkan méjì ni dókítà bá lẹ́nu wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ àbààwọ́n funfun kan nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, níbi tí etí eyín àtọwọ́dá wọn ti ń ha wọ́n. Ìkejì ni egbò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n lápá òsì, tó kọjú sí eyín ẹ̀yìn kan tó ti ṣẹ́. Dókítà fi gọ́ọ̀sì nu funfun yẹn, kò kúrò. Ká ní ó kúrò ni, á máa rò ó pé èfù ni, irú èyí tó máa ń mú ọmọ ọwọ́, á sì béèrè ohun tó gbé èfù wá sẹ́nu àgbàlagbà. Ó wọn egbò náà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: mílímítà 12 ní gígùn, 8 ní fífẹ̀. Ó fi ìka tẹ etí rẹ̀ yí ká, ó sì tọ́ abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn wọn wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Kò sí.

Lẹ́yìn náà, ó fi irin kun eyín tó ṣẹ́ yẹn títí ó fi dán, ó sì ní kí Màmá má tíì fi eyín àtọwọ́dá wọn sẹ́nu.

"Ṣé ẹ ò ní fún mi lóògùn ni?"

"Màmá, irin tí mo fi kun eyín yẹn loògùn yín. Ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹrìnlá, kí n wo bó ṣe ṣiṣẹ́."

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, funfun inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti lọ pátápátá. Eyín àtọwọ́dá ló fà á lóòótọ́. Àmọ́ egbò ahọ́n ṣì jẹ́ 12 sí 8, etí rẹ̀ sì le lábẹ́ ìka ju ẹran tó yí i ká lọ. Eyín tí a rò pé ó ń gé e kò mú mọ́, síbẹ̀ egbò kò sàn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni dókítà kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dàrú ni ìgbà tí wọ́n ní àwọn máa gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé bí ọ̀bẹ bá ti kan irú rẹ̀, ṣe ló máa ń tàn ká. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Dókítà ò bá wọn jiyàn. Ó ní àwọn tí wọ́n rí tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ti pẹ́ kí wọ́n tó wá, kì í ṣe ọ̀bẹ ló tàn án. Ó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ṣe: abẹ́rẹ́ kan tó máa mú ojú ibẹ̀ kú, ẹran tí kò tó hóró ẹ̀wà kan, okùn ìránṣọ kan tàbí méjì, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Etí egbò ni wọ́n ti ń gé e, pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹran tó dára, torí àárín rẹ̀ lè jẹ́ kìkì òkú ẹran tí kò ní sọ nǹkan kan. Inú fọ́málìn ni wọ́n ń gbé e sí, kó má baà bàjẹ́ kí ó tó dé abẹ́ maikirosikópù.

Jẹjẹrẹ ni. Àmọ́ ó ṣì kéré, kò sì tíì dé ọrùn. Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹran tó yí i ká, wọ́n sì yọ àwọn kókó ọrùn lápá òsì fún àyẹ̀wò. Lónìí, bí Màmá bá pe orúkọ ẹni tó ní "ṣ" nínú, ẹ ó gbọ́ pé ahọ́n ń fà díẹ̀. Wọ́n ń jẹ iyán wọn, wọ́n sì ń lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún wọn. Wọn ò fa sìgá rí, wọn ò fín aásà, wọn ò mu ọtí. Tábà àti ọtí ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kàn wọ́n náà lè ní in.

Èyí kò sọ pé gbogbo ohun tó bá pẹ́ lẹ́nu ni jẹjẹrẹ. Púpọ̀ jù lọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Funfun tí kò ṣeé nù, tí kò sì lọ lẹ́yìn tí a mú ohun tó ń ha á kúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í di jẹjẹrẹ. Kìkì pé kò sí ẹni tó lè fojú mọ èyí tó máa dì í. Èyí tó bá ní pupa nínú léwu ju funfun lásán lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tàbí lábẹ́ rẹ̀. Kókó tó rọ̀ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí a ti ń gé ara wa jẹ, ara tó yi lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ní kókó líle lọ́rùn pẹ̀lú egbò ẹnu, tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa mọ́, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan.

Bí ẹ bá rí nǹkan lẹ́nu yín tàbí lẹ́nu ẹni tó ń bá yín gbé, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i sínú fóònù yín. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti máa kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ra oògùn tuntun. Tó bá pé ọjọ́ mẹ́rìnlá tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ bá dókítà eyín, kódà bí kò bá dùn yín. Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹnu bá ṣì kéré, kì í sábà dunni.