Òpó fún Opó
Ìdájí ọjọ́ Ẹtì la kúrò ní Ìbàdàn. Ìsìnkú ọkọ àǹtí mi là ń lọ ní Iléṣà, ewì àdúrà tí wọ́n ní kí n kọ fún opó sì wà lápò mi. Ọmọkùnrin wọn tó kéré jù ni yóò kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ lé ní ogún ìlà. Bí a ṣe kọjá Ìkirè, mo kà á sókè fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀.

"Àbúrò," ni wọ́n wí, "èémí tán lẹ́nu rẹ kí ìlà yẹn tó parí. Ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n lóhùn ni yóò kà á o."

Òótọ́ ni. Mo gé gbogbo ìlà gígùn sí ibi tí èémí bá ti tán. Mo yọ "àmín" tó wà láàárín rẹ̀, kí ohùn ìjọ má baà bo ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ẹyọ kan ló kù, ìparí ló wà. Mo sì pa ibi tí mo ti ní kí wọ́n má sunkún mọ́ rẹ́. Ta ni èmi tí n óò máa dá opó lẹ́kun níwájú pósí ọkọ rẹ̀?

Ní Gbọ̀ngán, a yà síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Nígbà tí ewì náà jáde nínú ẹ̀rọ, kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Mo rí "di opo fun opo," àyà mi já. Bí ọmọ náà bá ṣi ohùn gbé, ohun tí yóò máa tọrọ ni pé kí Olúwa fúnra rẹ̀ di opó! Mo mú bírò, mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí a fi wọ Ifẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà kà ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyí:

Olúwa, wo ìyá wa lónìí.
Ìwọ lo mọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó ṣófo.
Bí ẹkún bá dé,
jẹ́ kí wọ́n sun ún tẹ́ wọn lọ́rùn.
Òpó ilé ti wó;
Olúwa, di òpó fún opó.
Bí àlejò bá lọ tán,
tí wọ́n ká àtíbàbà kúrò níta,
Olúwa, Ìwọ má lọ.
Àmín.

Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó kà á tán, ṣùgbọ́n kò ṣi ohùn kankan gbé. Àǹtí mi sunkún, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kí wọ́n dákẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àdúrà fún ẹlòmíràn láti kà níbi ìsìnkú, ẹ fi àmì ohùn sí i kí ẹ tó fà á lé e lọ́wọ́.