Kóòdù P0420 Kò Sọ Pé Kí A Ra Kátálíìsì

Ní Sátidé kan tí mo wá sílé láti ilé ìwé, mo bá bàbá mi ní ẹ̀gbẹ́ Kòróllà 2005 wọn, pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́. Iná ẹ́ńjìnnì ti tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti ọ̀sẹ̀ kan. Mẹkáníìkì kan ní Sàngó ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ iye owó sórí bébà náà: kátálíìsì tòkunbọ̀, 160,000 náírà, sẹ́ńsọ̀ méjì, 70,000, iṣẹ́ ọwọ́, 20,000. Bàbá mi ò bínú rárá. Wọ́n kàn ní, "Owó ilé ìwé rẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni o ń kọ́ lóòótọ́, wá bá mi wo èyí kí n tó ná an."

Mo ní ìdè kékeré tí à ń kì bọ ẹnu OBD-II lábẹ́ sítíárì, tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wá sórí fóònù. Ohun tó gbé jáde rèé:

```
P0420  Catalyst System Efficiency Below Threshold (Bank 1)
LTFT   +14 %
B1S2   0.1 – 0.8 V
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni mẹkáníìkì kà. Ó rí orúkọ kátálíìsì nínú rẹ̀, ó sì ní kí a ra kátálíìsì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò lójú tó fi lè rí inú kátálíìsì. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lẹ́yìn kátálíìsì nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Kátálíìsì tó dára máa ń tọ́jú ọ́síjìn pamọ́ nígbà tó bá pọ̀ nínú èéfín, á sì tú u sílẹ̀ nígbà tí kò bá tó. Nítorí náà èéfín tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kì í yí padà púpọ̀: tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, òǹkà rẹ̀ á dúró sí nǹkan bí 0.6 sí 0.7 fóòtì. Tí òǹkà náà bá ń fò sókè sódò, kọ̀ǹpútà á gbà pé kò sí ẹni tó ń tọ́jú ọ́síjìn mọ́, á sì kọ P0420. Èrò tí kọ̀ǹpútà ní nípa ohun tó gbọ́ ni kóòdù yìí. Ìbéèrè tó kù fún wa ni pé: kí ni nǹkan mìíràn tó lè mú kí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn máa fò bẹ́ẹ̀?

Mo kọ́kọ́ fura sí sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rà. Mo ní kí bàbá mi tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: òǹkà gun 0.85. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò: ó já bọ́ sí 0.05. Sẹ́ńsọ̀ tó ń yára dáhùn báyìí kò tíì kú. Tí a bá tilẹ̀ rò ó dáadáa, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn tó ti rọ á máa dúró sójú kan ni, á sì jọ ti kátálíìsì tó dára. Ọlẹ sẹ́ńsọ̀ a máa fi P0420 pamọ́ ju pé kó mú un wá lọ. Báyìí ni a ṣe fagi lé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn nínú bébà náà.

Èyí tó mú mi dúró ni LTFT. Òun ni iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún ìwọ̀n tó yẹ, nítorí sẹ́ńsọ̀ iwájú ń sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe dúró lásán, ó jẹ́ +14. Nígbà tí a gbé e dé 2,500 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, ó wálẹ̀ sí +5. Kátálíìsì wà lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ iwájú, nítorí náà bó bá bàjẹ́, kò lè sún LTFT sókè báyìí. Ohun kan níwájú ló ń mú afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ náà sì ń hàn jù nígbà tí èéfín kò pọ̀.

Bàbá mi wá rántí pé ọkọ̀ náà máa ń ké "tẹ́ẹ̀-tẹ́ẹ̀-tẹ́ẹ̀" láàárọ̀, tí ariwo náà á sì lọ tó bá gbóná. Irin máa ń wú tó bá gbóná, ó sì lè dí ihò kékeré. Ó jọ pé ẹ́sọ́ọ̀sì ń jò níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Èéfín kì í jáde ní ìṣàn kan ṣoṣo; ó ń lù bí ọkàn ni, láàárín ìlù kan sí èkejì ihò náà sì ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ọ́síjìn yẹn tan sẹ́ńsọ̀ iwájú jẹ, ó tún kún inú kátálíìsì débi pé kò rí àyè tọ́jú òmíràn, ó sì kọjá lọ bá sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà ní ìkóríta wa. Ó fi àkísà yí rọ́bà rẹ̀ ká ní ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ wọlé, èmi sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Níbi gáskẹ́ẹ̀tì mánífóòlù, nítòsí sílíńdà kẹrin, ọṣẹ hó yéè. Èédú dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bóòtì kan ti kán sínú.

Mo tún wo kátálíìsì náà kí ó má di pé mo gbàgbọ́ jù. Mo fi ọwọ́ gbá a. Kò dún pẹ́kẹpẹ̀kẹ bí èyí tí amọ̀ inú rẹ̀ ti fọ́. Kò sí àpá wẹ́dà tuntun lára rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ní àdúgbò wa, nítorí àwọn kan máa ń gé kátálíìsì tà nítorí pílátínọ́ọ̀mù, paladíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù inú rẹ̀, wọ́n á sì fi páìpù òfìfo rọ́pò rẹ̀.

Yíyọ bóòtì, bóòtì tuntun àti gáskẹ́ẹ̀tì jẹ́ 18,500 náírà. A pa kóòdù rẹ́, iná kú. Ṣùgbọ́n iná tó kú lẹ́yìn ìparẹ́ kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, nítorí ìparẹ́ náà tún nu gbogbo àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ti ṣe. Ojú fóònù kọ `Catalyst: Incomplete`. Kọ̀ǹpútà nílò eré tó dúró déédéé lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó kò sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá láìyí padà. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè tí ọ̀nà ṣófo, a wa ọkọ̀ láti Ọ̀tà gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, a sì padà. Nígbà tí a délé, ó kọ `Complete`, kò sì sí kóòdù. LTFT jẹ́ +3, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn dúró sí 0.65. A tún rìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ rí àṣìṣe yìí ní ìrìn méjì kó tó tan iná.

Mo ti sọ fún bàbá mi ṣáájú pé tí òǹkà ẹ̀yìn bá ṣì ń fò lẹ́yìn tí a bá dí ihò náà, a ó gbà pé kátálíìsì ti kú. Nígbà náà pàápàá, a ò bá kọ́kọ́ wá ohun tó pa á, bóyá púlọ́ọ̀gì tí kì í jó dáadáa tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì, nítorí yóò pa tuntun náà.

Mo mú àwọn òǹkà náà lọ fi han mẹkáníìkì yẹn, nítorí olè kọ́ ni. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Àbúrò, LTFT yìí, níbo ni wọ́n ti ń wò ó?" Mo jókòó tì í lórí táyà, mo sì fi hàn án.