Òjìji tí kò bá oòrùn lọ

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ títún fọ́tò ṣe, kí n tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá mi ti ṣiṣẹ́ lórí fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ohun tí fíìmù sì kọ́ ọ ló fa àríyànjiyàn wa.

Láyé fíìmù, orí nẹ́gátíìfù ni wọ́n ti ń tún ojú èèyàn ṣe. Wọ́n á gbé e sórí gíláàsì, wọ́n á fi dígí darí ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fi pẹ́ńsù líle tí wọ́n fi bíléèdì gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó máa tọ́ ọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tí pẹ́ńsù bá kàn, funfun ló máa yọ lórí pépà, torí ìmọ́lẹ̀ kò ní ráyè kọjá níbẹ̀ dáadáa. Pẹ́ńsù kò lè sọ ibì kan di dúdú láé. Ẹni tó bá fẹ́ dúdú, àfi kó fi ọ̀bẹ ha nẹ́gátíìfù, bí ọwọ́ bá sì wúwo díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, lílé òjìji lọ ni gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá mi: lábẹ́ ojú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, lábẹ́ àgbọ̀n.

Ọdún 1990 ni Photoshop jáde. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó dé, iṣẹ́ yí padà. A wá ń gé èèyàn kúrò nínú fọ́tò kan, a ń gbé e sínú òmíràn, ẹni tí a bá sì gbé síbẹ̀ láìní òjìji, ṣe ló máa dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Iṣẹ́ tó dá ìjà sílẹ̀ jẹ́ bánà ìgbéyàwó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́jọ, èyí tí àwọn àlejò yóò dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Ìta gbangba ni wọ́n ti ya ọkọ àti ìyàwó, lọ́sàn-án. A gbé wọn síwájú ilé alárà kan tó ní òpó àti àtẹ̀gùn. Ọ̀gá tẹ Drop Shadow, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, òjìji yẹn kò tọ́, sà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ wo imú ìyàwó. Òjìji imú rẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún wa, òsì ni oòrùn wà nígbà náà. Òjìji àwọn òpó yẹn ń lọ sí òsì. Ti ẹsẹ̀ wọn kò sì sùn sílẹ̀ rárá, ẹ̀yìn wọn ló lẹ̀ mọ́, bíi ti pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri."

Inú bí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń wo òjìji níbi ìgbéyàwó? Ojú ni wọ́n ń wò. Kí ojú ṣáà ti mọ́!"

Mo bi í nípa fọ́tò ìbejì. Láyé fíìmù, bí ọ̀kan bá ti kú, ẹni tó kù ni àwọn fọtógíráfà máa ń yà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí méjèèjì lè jókòó pọ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1978 lẹ́yìn tó rí i ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọ̀gá náà ti ṣe é rí. Mo ní, "Ṣé ẹ máa ń dojú nẹ́gátíìfù dé tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ ìkejì, sà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Rárá. Ìmọ́lẹ̀ wọn á máa dojú kọ ara wọn."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, sà."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Òun gan-an ló ní ká má yí tọkọtìyàwó: òrùka yóò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, pélé tó wà lójú ọkọ náà yóò sì yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ilé ni a lo Flip Horizontal fún, torí kò sí ìwé kíkọ lára rẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà àwọn méjèèjì, mo kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú, torí òjìji kì í dúdú bí èédú, mo fi Distort tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ọ̀nà tí òjìji òpó ń lọ. Òjìji òpó gùn tó ìdajì òpó, nítorí náà a jẹ́ kí tiwọn gùn tó ìdajì wọn. Níbi tó ti kan àtẹ̀gùn, mo ṣẹ́ ẹ kó gòkè. Mo fi Gaussian Blur sọ ọ̀nà orí rẹ̀ di rírẹ̀, mo jẹ́ kí ìdí ẹsẹ̀ mú ṣáṣá.

Mo fi Opacity sí 45. Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ tẹ ègé kékeré wò, nítorí yíǹkì máa ń ṣú lórí bánà ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Bó ṣe wí ló rí: ègé náà jáde, àtẹ̀gùn ti pòórá sínú òjìji. Ó fà á wálẹ̀ sí 30, ó ní kí n gbé e lọ tẹ̀.