Bá A Ṣe Wọn Ẹsẹ̀ Tí Kò Sí Nílé

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ pé àádọ́ta ọdún, mo sì ti pinnu pé ẹ̀bùn tí kò ní rò tẹ́lẹ̀ ni n óò fún un. Ohun tó kù ni kí n mọ ẹ̀bùn ọ̀hún. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, tábìlì wa kọjú síra, a sì jọ ń pín ẹ̀pà jẹ. Síbẹ̀ n kò lè sọ ohun kan pàtó tó wù ú, nítorí kì í ṣe obìnrin tí í ráhùn níta. Bó o bá bi í pé báwo ni, á ní a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ta wá ni kí n bi? Ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà kò lè gbé àṣírí kọjá oúnjẹ alẹ́. Àwọn ọmọ burú ju bàbá lọ. Ọmọ tó bá ti gbọ́ pé ẹ̀bùn ń bọ̀ wá fún ìyá òun á bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín láìnídìí, ìyá wo ni kò sì ní fura? Ló bá ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní ìlú Oǹdó, nínú ilé àwọn òbí wọn ní apá Yábà, níbi tó ti ń ránṣọ. Ilé yẹn ni ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ bí ó bá rí àyè ní òpin ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń tú gèlè, tó ń bọ́ bàtà, tó sì ń sọ ohun tó ń dùn ún.

Mo jókòó ti fóònù mi, ni mo bá rí i pé àtikọ ọ̀rọ̀ náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Àkọ́kọ́ ni pé n kì í sábà kọ̀wé sí Àǹtí yìí. Bí ẹni tí kì í kọ̀wé síni bá ṣàdédé kọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí Yorùbá lọ́kàn ni pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kó tó ka ìlà kejì, yóò ti pe àbúrò rẹ̀: “Ṣé kò sí o? Ọ̀rẹ́ ẹ ń wá mi.” Àṣírí ti tú nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì dalẹ̀. Nítorí náà àlàáfíà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ó sì hàn nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ara ọ̀rẹ́ mi le.

Èkejì ni pé bí mo bá bi í pé, “Kí lẹ rò pé a lè fún un?” ìdáhùn tí n óò gbà kò lè ṣe mí láǹfààní. Àgbàlagbà tó mọ ìwà hù kò ní yan ẹ̀bùn fún àbúrò rẹ̀ látinú àpò ẹlòmíì. Yóò kàn ní ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí ọ lọ́kàn náà ló dára. Ìráhùn ni kéèyàn béèrè. Ohun tí ẹnì kan ń ráhùn lé lórí nílé kì í ná ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ ní nǹkan kan, kò sì dà bíi pé ó ń ṣagbe.

Ẹ̀kẹta ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹni tá a ń bi ti mọ̀, níbi tó jókòó sí, nìkan ló yẹ ká bi í. Bí ìbéèrè bá ti mú un dìde lọ ṣèwádìí, ìwádìí yẹn ni yóò tú àṣírí. Bí mo bá bi Àǹtí pé nọ́ńbà bàtà mélòó ni àbúrò wọn ń wọ̀, tí wọn kò sì mọ̀ ọ́n, inú rere wọn gan-an ni yóò mú wọn gbé fóònù láti bi í. Olùkọ́ tó ti ń mú àwọn ọmọ tó ń jíwèé wò láti ogún ọdún ó lé ni wọ́n fẹ́ bi o!

Ohun tí mo kọ nígbẹ̀yìn nìyí: “Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí mi. Àlàáfíà ni o. Ara àbúrò yín le, kíláàsì ló wà báyìí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, mo sì ń bẹ̀ yín kó wà láàárín àwa méjèèjì títí ọjọ́ ìbí rẹ̀ yóò fi kọjá. Nígbà tó wá sílé gbẹ̀yìn, kí ló ráhùn lé lórí jù: aṣọ ni, àpò ni, àbí bàtà? Èyí tẹ́ ẹ bá rántí ni kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í. Bó bá sì bi yín, ẹ má purọ́ nítorí mi, ẹ kàn ní kó wá bi mí. Ẹ ṣé mà.”

Gbólóhùn nípa irọ́ yẹn, mo fara balẹ̀ kọ ọ́ ni. Kò yẹ kí ọmọdé gbé irọ́ lé àgbà lọ́wọ́, pàápàá irọ́ tí yóò pa fún ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù tún wà níbẹ̀. Ojú Àǹtí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ń lo awò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ mi bá lọ sí Oǹdó, òun ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti bá a ka ohun tó wọlé. N kò sì lè fi ohùn ránṣẹ́, nítorí etí gbogbo oníbàárà ló máa gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò yẹ kí ọ̀rẹ́ mi bá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù yẹn, síbẹ̀ n kò pa á rẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi. Bí èèyàn bá pa á rẹ́ fún àwọn méjèèjì lórí WhatsApp, “This message was deleted” ni yóò kù lójú fóònù ẹni tó gbà á, kò sì sí ohun tó ń mú ni fura tó èyí. Bó o bá sì ní kí ọ̀rọ̀ máa parẹ́ fúnra rẹ̀, ìkìlọ̀ pé o ṣe bẹ́ẹ̀ yóò hàn láàárín ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí kì í fi àmì sílẹ̀ ni kí ẹni tó gbà á fọwọ́ ara rẹ̀ yan “Delete for me” lẹ́yìn tó bá ti kà á tán. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí, ó sì bá wọn ṣe é.

Èsì dé kí agogo ìsinmi tó lù. “Àbúrò mi, ó káre. Bàtà ni o. Bó bá ti wọlé báyìí, omi gbígbóná ló ń béèrè. Eegun kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, gbogbo bàtà ló ń há a níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ o.” Láti ọjọ́ yìí tá a ti jọ ń dúró níwájú pátákó, n kò mọ̀.

Wàyí o, báwo la ṣe fẹ́ wọn ẹsẹ̀ ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ láì fọwọ́ kàn án? Sálúbàtà rẹ̀ kan wà ní Oǹdó tó máa ń wọ̀ nínú ilé. Àǹtí yí i wò, ó ní 41 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mú nọ́ńbà náà tọ aṣebàtà kan lọ nítòsí Ọjà Ọba, ó sì mi orí. Ó ní ẹni tí eegun yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í ra ìwọ̀n tirẹ̀. Bàtà tó fẹ̀ ló ń wá, ṣùgbọ́n èyí tó gùn ni ọlọ́jà ń tà fún un. Nọ́ńbà kan sí èkejì nínú irú ìwọ̀n yìí jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá fi nọ́ńbà kan lé e, gígùn ni yóò pọ̀ jù, fífẹ̀ rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀ síwájú nínú bàtà. Ó ní kí n yé wá nọ́ńbà, kí n wá ipa ẹsẹ̀.

Sálúbàtà tí èèyàn ti wọ̀ pẹ́ máa ń ní ipa yẹn nínú. Gìgísẹ̀ á tẹ ibì kan wọlé, ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan á sì sọ ojú ibi tó ń tẹ̀ di dúdú níwájú. Mo ní kí Àǹtí wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ipa gìgísẹ̀ dé orí ipa àtàǹpàkò, kí wọ́n má ka etí sálúbàtà mọ́ ọn. Sẹ̀ǹtímítà 25 ni wọ́n rí. Gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin náà ṣe ṣírò rẹ̀, ẹsẹ̀ 40 nìyẹn, àlàfo sì ṣẹ́ kù níwájú àwọn ọmọ ìka bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Níbi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, ipa tọ̀tún yọ síta ju tòsì lọ.

Àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò ṣeé lò. Wọ́n na téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti yà á, tí apá iwájú fi dà bíi pé ó tóbi ju ẹ̀yìn lọ. Aránṣọ ni wọ́n ṣáà, ìwé tí wọ́n fi ń gé àwòṣe wà nílẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé náà wọ inú sálúbàtà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ká a, wọ́n sì wéébíìlì rẹ̀. Awakọ̀ kan gbé e gba Ọ̀wẹnà wá sí Àkúrẹ́. Kò mọ ohun tó gbé, bí ẹni tó ń gbé àrokò láyé àtijọ́ kì í ti í sábà mọ ìtumọ̀ owó ẹyọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ìwé yẹn kò lè sọ, ìyẹn ni bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ṣe ga tó. Ipa kì í gbé gíga. Bàtà bíbò tí kò bá gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kò ní ṣeé wọ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì jẹ́ kí wọ́n fi téèpù yí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ká. Èyí ló gba bàtà bíbò lọ́wọ́ mi. Sáńdàlì awọ ni mo ní kí ọkùnrin náà ṣe, onídè tó ní ihò márùn-ún lókè ẹsẹ̀, kí ẹni tó ni ín lè fà á dé ibi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi awọ rírọ̀ ṣe iwájú rẹ̀, ó sì pín ọ̀já sí méjì kí èyíkéyìí má baà gba orí eegun náà kọjá.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀rẹ́ mi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dè é sí ihò kẹta, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó padà. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wò mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Fóònù rẹ̀ ló mú, ó pe Oǹdó, ó jẹ́ kí ohùn náà jáde síta kí n lè gbọ́. Kó tó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá, Àǹtí ti ké lódì kejì pé, “Èmi ò mọ nǹkan kan nípa bàtà o!”