Kọ́kọ́rọ́ Tó Ṣẹ́kù Lọ́wọ́ Áàpù

Bí ayálégbé bá kó ẹrù rẹ̀ jáde, tí kò dá kọ́kọ́rọ́ padà, onílé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn áàpù tí a ń so mọ́ àkáǹtì orin wa rí. Pípa áàpù rẹ́ lórí fóònù kì í ṣe gbígba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 2021 ni Spotify wọ Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà lára àwọn tó ń lò ó ní Àkúrẹ́ níbí. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ó máa ń sáré láti Alágbàka lọ sí ọ̀nà Ọba Adésídà, orin a sì máa dún létí rẹ̀. Ó so àkáǹtì orin náà mọ́ áàpù tó ń ka eré sísá. Ó tún so ó mọ́ áàpù ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan tó máa ń fi orin tí èèyàn gbọ́ kẹ́yìn, àti aago tó gbọ́ ọ, hàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí bàbá wa kú, orin ló ń bá a ṣọ́ òru. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ bi í pé, “Ṣé ẹ kì í sùn mọ́ ni? Aago méjì òru lẹ ṣì ń gbọ́ orin.” Ó dùn ún gan-an, nítorí kò sọ ọ̀rọ̀ òru yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ojú ẹsẹ̀ ló pa áàpù ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni náà tún dárúkọ orin tó gbọ́ lóru àná. Ó pè mí, ó ní, “Àbúrò mi, mo ti pa nǹkan yìí rẹ́. Ibo ló ti ń rí mi?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe inú fóònù yín ló ti ń rí yín.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí a bá so áàpù mọ́ Spotify, ojú ewé kan máa ń jáde tó ka ohun tí áàpù náà ń tọrọ, a ó sì tẹ `Agree`. A kò fún áàpù náà ní ọ̀rọ̀ aṣínà wa rárá. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni Spotify fún un. Àkọ́kọ́ kì í ju wákàtí kan lọ kó tó kú. Ìkejì ló fi ń tọrọ òmíràn nígbàkúùgbà tí ti àkọ́kọ́ bá kú. Orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà. Láti ibẹ̀ ló ti ń béèrè orin tí èèyàn gbọ́ kẹ́yìn, ó sì lè rí tó 50 lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àkókò tí a gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ojú ewé Spotify fúnra rẹ̀ ni a ti ń gbà á padà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ibí yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì:

```
spotify.com/account/apps
```

Ó wọlé, ó sì rí orúkọ áàpù mẹ́ta lábẹ́ `Manage apps`. Áàpù tó ti pa rẹ́ wà níbẹ̀ digbí. Ó tẹ `Remove access` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti fídíò kan tí kò lò mọ́. Ó gba tirẹ̀ náà. Ó fi ti eré sísá sílẹ̀, torí pé kìkì ohun tó tọrọ ni kó lè tan orin kó sì pa á, ẹ̀gbọ́n mi sì ń lò ó lójoojúmọ́.

Mo ní kó má tíì sọ pé ó ti parí, nítorí kọ́kọ́rọ́ oníwákàtí kan lè má tíì kú. Ó ní sùúrù, ó gbọ́ orin tuntun mẹ́ta, mo sì wo ojú ewé rẹ̀ lórí fóònù tèmi. Orin tuntun kankan kò sí níbẹ̀. Bí ó bá tún ṣí áàpù náà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àyè lákọ̀tun, àmì mìíràn nìyẹn pé ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Àmọ́ àwọn orin òru tó ti kó tẹ́lẹ̀ ṣì wà lójú ewé náà. Kọ́kọ́rọ́ tí a gbà kì í dá ohun tí wọ́n ti kó padà. Ó ní láti wọ áàpù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó pa àkáǹtì tó ní níbẹ̀ rẹ́, kó sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n nu àkọsílẹ̀ òun. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2023 lórí ààbò àkọsílẹ̀ ẹni fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbọ́ orin bàbá wa lóru. Òun nìkan ló mọ aago tó ń gbọ́ ọ.